«Okun máa ń sọnù»: ṣé ọ̀rọ̀ tó yẹ nìyẹn?

Tíṣà Mọremí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ ìdánwò ẹ̀kọ́ àyíká fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Yorùbá. Mo kọ ọ́ báyìí: «Okun inú oúnjẹ máa ń sọnù láti ìpele kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tí apẹranjẹ tó wà lókè pátápátá fi kéré níye.» Ṣé «sọnù» dára? Kí ni ká sì máa pe ìpele yẹn?

Akin_Òṣogbo: «Sọnù» dára. Òfin ni pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kọjá. Ẹ fi kún un pé àwọn ẹranko òkè tóbi lára, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pọ̀. Mo fara mọ́ «ìpele ìjẹun».

Ọdẹ Ayélujára: Ẹ̀yin ò sọ ti ìbọn! Àwa èèyàn la pa kìnnìún tán nínú igbó.

Ìyá Aládìyẹ: Ìdá 10 wo? Búróílà mi ń jẹ bíi kílò oúnjẹ méjì kó tó fi kílò kan kún ara. Ìdajì nìyẹn lójú tèmi.

Bàbá Onímọ̀-Omi: Tíṣà, ẹ yọ «sọnù» kúrò. Ohun tó bá sọnù, a kì í mọ ibi tó gbà, ṣùgbọ́n èyí, a mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìsun omi Silver Springs ní Fùlórídà, tí Howard Odum tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1957. Lórí mítà onígun mẹ́rin kan, láàárín ọdún kan, àwọn ewéko inú omi kó okun tó jẹ́ 20,810 kilokálórì jọ láti inú oòrùn. Àwọn ajewéko gba 3,368 sára, apẹranjẹ tó ń jẹ wọ́n gba 383, àwọn ẹja ńlá tó wà lókè sì gba 21.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí 3,368 yẹn. Àwọn ajewéko fi 1,890 nínú rẹ̀ mí, wọ́n fi wẹ̀, wọ́n fi gbé ara ró. Ó di ooru, ó bọ́ sínú omi, kò sì sí ẹ̀dá tó lè fi ooru ṣe oúnjẹ. Ó ku 1,478 tó di ara tuntun. Nínú ìyẹn náà, 383 péré ló wọ ara apẹranjẹ. Ìyókù di òkú, tàbí ìgbẹ́, tàbí kó bá ìṣàn lọ, bakitéríà ló sì jogún èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: òmíràn jóná, òmíràn ò dé ẹnu ẹni tó wà lókè. «Sọnù» da méjèèjì pọ̀, ọmọ tó bá kà á á sì rò pé okun lè pòórá.

Akin, ẹ pín àwọn iye yẹn síra wọn. Ẹ ó rí nǹkan bí ìdá 16, lẹ́yìn náà 11, lẹ́yìn náà iye tí kò pé 6. Ìfojúdá ni 10, kì í ṣe òfin. Ní ti títóbi, erin ju kìnnìún lọ fíìfíì, ewé ló sì ń jẹ. Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ àwo ló ń pinnu. Ẹja tó ní 21 lórí mítà kan gbọ́dọ̀ ní omi tó gbòòrò kó tó yó.

Ọdẹ, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Níbi tí ọdẹ ò dé rí pàápàá, kìnnìún kò ní pọ̀ tó ẹtu.

Ìyá, oúnjẹ gbígbẹ lẹ fi wé ẹran tó kún fún omi. Ìwúwo kì í ṣe okun. Ẹyẹ yín kì í sá fún àṣá, kì í wá oúnjẹ kiri, ẹ sì ń tà á nígbà tó ṣì ń dàgbà.

Ìyá Aládìyẹ: Ẹ ṣé, sà. Àkùkọ tí mo fi sílẹ̀ nínú ọgbà ń jẹ lójoojúmọ́, kò sì fi nǹkan kan kún ara mọ́. Ó ti yé mi.

Akin_Òṣogbo: Mo gbà lórí 10. Ṣùgbọ́n ẹja àrọ̀ ń jẹ ewéko, ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ ẹja. Ìpele wo la fẹ́ tì í sí?

Bàbá Onímọ̀-Omi: Gbogbo rẹ̀, ní ìwọ̀n ohun tó jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ «àwọ̀n oúnjẹ» ju «ẹ̀wọ̀n oúnjẹ» lọ: ẹ̀wọ̀n máa ń so ẹnì kan mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìpele wà fún oúnjẹ, kò wà fún orúkọ ẹranko.

Tíṣà Mọremí: Mo ti tún un kọ: «Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú okun oúnjẹ á jóná di ooru, òmíràn ò sì ní dé ẹnu ìpele tó kàn.»

Akin_Òṣogbo: «Agbára» ni mo fẹ́ níbẹ̀. Bí ìwé ìdánwò bá jáde láìsí àmì ohùn, ọmọ á ka «okun» sí okùn tàbí òkun.

Bàbá Onímọ̀-Omi: Agbára ti wà lẹ́nu olùkọ́ físíìsì fún nǹkan mìíràn. Ẹ fi àmì sí i.