"Mi ò tíì jẹun": ọ̀rọ̀ wo la ó fi bi àgbàlagbà tó ń gbàgbé?

Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ oúnjẹ ìlera ni mò ń kọ́. Mò ń túmọ̀ ìwé tí a fi ń bi aláìsàn léèrè ohun tó jẹ láàárín wákàtí 24, àti èyí tí a fi ń mọ bó ṣe ń jẹ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sí láàárín oṣù. Mo pe àkọ́kọ́ ní "ìrántí oúnjẹ wákàtí mẹ́rìnlélógún", mo pe èkejì ní "ìwádìí oúnjẹ ìgbàkúùgbà". Ṣé wọ́n bọ́ sí i, pàápàá fún àgbàlagbà tó ń gbàgbé?

Olùkọ́ èdè, Súúrùlérè: Ìgbàkúùgbà kẹ̀? Ẹni tó bá ń jẹun nígbàkúùgbà, alájẹkì là ń pè é. Ẹ má fi orúkọ ìwé bú aláìsàn. Ní ti àkọ́kọ́, n kò rí ohun tí wákàtí ń wá níbẹ̀. Ẹ kọ "oúnjẹ àná", gbogbo ayé ló mọ àná. Ẹ bi í pé "Kí ni ẹ jẹ lánàá?", ó parí.

Oníṣẹ́ oúnjẹ nílé ìwòsàn, Erékùṣù Èkó: Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ gba ìgbàkúùgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹ ní ó parí yẹn gan-an ló tàn mí jẹ nígbà kan.

Màmá kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ẹni ọdún 76, ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a fínra. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, ló ń mú un wá. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kì í wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì á ní kò fi nǹkan kan kan ẹnu kó tó wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè oúnjẹ àná lọ́wọ́ Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì dá mi lóhùn kan náà: ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, àmàlà lálẹ́. Ohùn kan náà yẹn ló ta mí lólobó. Màmá kò rántí àná rárá, ohun tó mọ̀ pé òun máa ń jẹ ló ń kà fún mi bí àkọ́sórí.

Mo bá fi àná sílẹ̀. Ìsinsìnyí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, mo sì so ìbéèrè mọ́ ìrun, torí Màmá kì í pa ìrun jẹ. "Láti ìgbà tí ẹ ti kí Àsùbáà, ǹjẹ́ nǹkan kan kan ẹnu yín?" Ó ní rárá. "Kó tó di Àsùbáà ńkọ́, ṣé ẹ dìde lóru?" Ó ní òun dìde. "Kí lẹ ṣe?" "Mo tọ̀, mo mu gàrí, mo sùn padà."

Ọmọ rẹ̀ lanu. Ó ti máa ń rí ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ló rò pé wọ́n fi mu. Gàrí pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà ni, ní nǹkan bí aago 3 òru, aago 8 la sì ń gba ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn ń fẹ́ kí inú ṣófo fún wákàtí 8 ó kéré tán, ti Màmá kò ju 5 lọ. Ẹ wò ó, Ọ̀gá: lójú Màmá, òru kì í ṣe àná, kì í sì í ṣe òní. Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni gàrí yẹn jábọ́ sí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí mo fà á dé àárọ̀ àná, ó ní òun ò jẹun títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo ní kò burú, kí ló kan ẹnu yín? "Tíì nìkan, àti búrẹ́dì tí mo fi panu." Kóró ṣúgà 4 ló wà nínú tíì ọ̀hún. Lẹ́nu àgbàlagbà Èkó, ẹni tí kò tíì rí òkèlè kò tíì jẹun. Gàrí tútù, mímu ni. Tíì, mímu ni. Ọsàn, mímu ni, àgbo náà mímu ni. Ẹni tó bá béèrè "kí ni ẹ jẹ" nìkan ti yọ gbogbo wọn kúrò láìmọ̀. "Kí ló kan ẹnu yín" ló kó wọn pọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà wá, mo ní kí wọ́n gbé ife náà dání. Mo gbé gàrí ka iwájú Màmá, mo ní kó bù ú bó ṣe máa ń bù ú lóru. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ṣíbí ìjẹun 9. Ká ní mo ní kó fẹnu sọ ọ́ ni, "díẹ̀ báyìí" ni ì bá wí.

Nítorí náà "oúnjẹ ọ̀sán kan òru kan" ni mo fara mọ́. Ẹ tún yọ "ìrántí" kúrò. Lójú ẹni tó ń wo pátákó ìrántí olóògbé káàkiri ìlú, sàárà òkú ló jọ. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń gbàgbé sì tún lè rò pé ẹ fẹ́ dán òun wò, á wá fi ohun tó yẹ kó jẹ dí àlàfo.

Oníṣòwò, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Ẹ kú àlàyé. Ìyá tèmi náà ń gbàgbé, láti bí oṣù kan. Oúnjẹ wo ni mo lè máa sè fún wọn kí wọ́n lè máa rántí nǹkan?

Oníṣẹ́ oúnjẹ, Erékùṣù Èkó: Ìyẹn kọ́ là ń sọ níbí, ẹ má bínú. Ẹ gbé wọn lọ rí dókítà, torí ìgbàgbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ àpẹẹrẹ àìsàn tó ṣeé wò.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Múṣin: Ní ti ìwé kejì, àwọn àgbà kì í sọ "ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀". "Ọrọọrún ni mo ń jẹ ẹran" ni wọ́n máa wí. Kò le rárá, ọjọ́ 28 ni kí ẹ fi 5 pín.

Oníṣẹ́ oúnjẹ, Erékùṣù Èkó: Ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àfi pípín yẹn. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí a dúró sí wà nínú kíkà. Ẹni tó jẹ ẹran ní Mọ́ńdè tó ní ọrọọrún, Fúráìdè ló tún máa jẹ ẹ́. Ọjọ́ 4 ni Fúráìdè fi jìnnà sí Mọ́ńdè, nítorí náà ẹ̀ẹ̀meje ni láàárín ọjọ́ 28, kì í ṣe márùn-ún àti díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ" ṣe jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó òde òní lè pe ọrọọrún kó jẹ́ Sátidé ló ní lọ́kàn. N kì í dá a pín mọ́. Mo máa ń bi í pé, "Tí ẹ bá jẹ ẹ́ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ wo lẹ tún ń jẹ ẹ́?" Fún ẹni tó ń gbàgbé, mo tún máa ń bi ẹni tó ń ra ọjà pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ra búrẹ́dì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Olùkọ́ èdè, Súúrùlérè: Mo gbà lórí òru. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé kejì yóò máa jẹ́? "Iye ìgbà ìjẹ" ni mo dìbò fún.

Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá: "Ìwé ẹ̀ẹ̀melòó" ni mo ti kọ sórí rẹ̀, sà. Ó yá lẹ́nu. Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: bí Màmá bá ní òun mu gàrí, tí ọmọ rẹ̀ ní irọ́ ni, ti ta ni mo máa kọ?

Olùkọ́ èdè, Súúrùlérè: Ẹ̀ẹ̀melòó, ìbéèrè ni, kì í ṣe orúkọ. N kò tíì gbà.

Oníṣẹ́ oúnjẹ, Erékùṣù Èkó: Kọ méjèèjì, ọmọ mi, kí o sì kọ ẹni tó sọ ọ́ síwájú rẹ̀. Ọmọ tó ń jáde lọ sí Ìdúmọ̀tà láago 7 tí kì í wọlé kí Màgàríbì tó lọ, oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ nìkan ló lè jẹ́rìí sí. Tún béèrè lọ́jọ́ méjì mìíràn tí kò tẹ̀ léra, kí ọ̀kan bọ́ sẹ́yìn Sátidé, nítorí òde àríyá. Bí gàrí bá jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, Màmá lèmi máa gbà gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Múṣin: Ọmọ lèmi máa gbà gbọ́ ní tèmi. Mo ti rí Màmá tó ní òun jẹ adìẹ lánàá, adìẹ ọdún Iléyá ló ń sọ.