Sikéèlì 1:100 kò bá rúlà mi mu, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà bíríkìlà. Mò ń ṣírò búlọ́ọ̀kù fún ilé kan ní Ọbáńtókò, l'Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n kọ 1:100 sí ìsàlẹ̀ pláànù, ìyẹn ni pé mílímítà kan lórí ìwé jẹ́ 100 nílẹ̀. Àmọ́ ògiri tí wọ́n kọ 3600 sí lára, mílímítà 18 péré ni rúlà kà, dípò 36. Orí ìwé A1 ni wọ́n ti yà á. A3, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti A1, ni wọ́n tẹ̀ fún wa. Ó ti di 1:200 nìyẹn, àkọlé 1:100 ti tẹ́lẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù 10 ni mo ń kà fún mítà kan níbùú lóròó. Tí ògiri bá ga ní mítà 3, ti rúlà á jẹ́ 54, ti 3600 á jẹ́ 108, kí n tó yọ ti ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n kọ ni mo gbà, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀.

Fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ló kù, wọn ò kọ iye kankan sí i. Rúlà kà á ní mílímítà 95. Ṣé kí n ra búlọ́ọ̀kù mítà 19, àbí kí n kọ́kọ́ fi téèpù wọn ilẹ̀ gan-an?