Kí ni kí n fi ṣe ẹ̀rí iṣẹ́ àárín nínú pọtifólíò aṣọ mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ránṣọ. Mo ń ṣe pọtifólíò tí n ó fi wọ fásitì. Àwòrán ọwọ́ wà, aṣọ tó ti parí wà. Ti àárín ni kò sí, torí orí aṣọ gan-an la ti ń fi ṣọ́ọ̀kì wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í gé bébà. Mo ya ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí mo rán an tán, ó mọ́ jù, èèyàn á mọ̀ pé àtúnyà ni. Ṣùgbọ́n tẹ́rù tí mo fi dán gáùn aṣọ òkè kan wò ṣì wà: abẹ́ apá rẹ̀ wú, mo fi pín-ìnnì mú un wọlé, àmì bírò ṣì wà lára rẹ̀. Ṣé kí n ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáùn, àbí kí n tú u, kí n fi gé pátánù bébà? Èwo ló ń fi ìrònú hàn jù lójú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò?