Ṣé kí n yọ "mí" kúrò lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Tí kíbọ́ọ̀dù wa bá tẹ dò àti sò ní ohùn ọ́gáànì, ó máa ń dún geere. Kó kàn fi mí sí i, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Dò wa ń mì nígbà 220 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ohùn kan kì í dá dún: ìlọ́po rẹ̀ méjì, mẹ́ta, títí lọ, máa ń bá a dún lábẹ́lẹ̀. Ìlọ́po karùn-ún dò jẹ́ 1,100. Mí kíbọ́ọ̀dù jẹ́ 277.18, ìlọ́po kẹrin rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,109. Ìyàtọ̀ bíi 9 yẹn ni ohùn fi ń gbọ̀n nígbà mẹ́sàn-án ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ti dò àti sò kò tó ẹ̀ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí etí kì í fi í kà á sí.

Tí akọrin bá ń kọrin láìsí kíbọ́ọ̀dù, mí wọn máa ń rọra sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 275. Áàpù fóònù ni mo fi wò ó. Níbẹ̀, ohùn á pa rọ́rọ́. Mo ti yí ọ́gáànì sí ohùn fèrè, tí ìlọ́po rẹ̀ kò pọ̀. Gbígbọ̀n náà dín kù, àmọ́ mí akọrin àti ti kíbọ́ọ̀dù ṣì ń jà.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé kí kíbọ́ọ̀dù máa tẹ dò àti sò nìkan, kí akọrin fúnra wọn máa gbé mí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.