Abẹ́rẹ́ ìdí: ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí nípa "òkè, lápá ìta"

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù
Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá sí i. Gbogbo wa la kọ́ ọ pé kí a pín ìdí sí 4, kí a gún abẹ́rẹ́ sí ìdá tó wà lókè, lápá ìta. Síbẹ̀, àwọn tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kò tán. Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa báyìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Wọ́n gún un ní dáíkílófẹ́nákì mílílítà 3 níbi tó dúró sí. Ó ní bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, ńṣe ló dà bí ìgbà tí iná mànàmáná sáré láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n ní kó fara dà á, wọ́n sì tẹ oògùn náà tán. Ní báyìí ó lè dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi gìgísẹ̀ rìn. Tí a bá fọwọ́ kan òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gún un sì ń sọ pé òkè lápá ìta lòun gún. Irú èyí wo ni ẹ ti rí?

Bàbá Físíò
Ẹni yẹn lè má purọ́. Ohun tó pín sí 4 ló ṣì. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí ni ibi tó yọ jáde, tó rọ̀, tí ṣòkòtò bò. Bí ẹ bá pín ibẹ̀ nìkan, "òkè lápá ìta" yín á bọ́ sí nǹkan bí àárín ìdí gan-an, ẹ ti wá sún mọ́ náfù. Ìdí tí a ń pín bẹ̀rẹ̀ láti etí eegun ìbàdí lókè, ibi tí èèyàn máa ń gbé ọwọ́ lé tó bá dúró, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, títí dé ìlà tí ìdí ti pàdé itan. Ẹ fi ọwọ́ wá etí eegun náà kí ẹ tó pín ohunkóhun. Ojú kì í rí i.

Náfù ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ń jáde látinú agbada ìbàdí lápá inú, ó tẹ̀ síta díẹ̀, ó sì gba àárín eegun tí a fi ń jókòó àti kókó eegun itan kọjá sí ẹ̀yìn itan. Ó fẹ̀ tó ìka ọwọ́. Ọ̀nà 2 ló so pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè ló sì wà lápá ìta, òun sì ni ewu máa ń bá jù. Ìdí nìyẹn tí obìnrin yẹn fi lè tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé e sókè.

Tí ojú abẹ́rẹ́ bá ṣì hàn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kó dojú bolẹ̀. Ẹ wá ibi tó jin díẹ̀ lókè ìdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn. Ẹ wá kókó eegun itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Bí ọwọ́ yín kò bá tètè bà á, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kókó náà á máa rìn lábẹ́ ìka yín. Ẹ fi bírò fa ìlà láàárín méjèèjì. Òkè ìlà náà, lápá ìta, ni abẹ́rẹ́ yẹ kó wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni náfù wà.

Alábẹ́rẹ́
Ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Bí èmi bá ti gún un, mo máa ń fa sìríǹjì sẹ́yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá wọ̀ ọ́, ibẹ̀ dára, mo tẹ oògùn. Òkè lápá ìta náà ni mo ń lò, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Bàbá Físíò
Òkè lápá ìta kì í ṣe àṣìṣe tí ẹ bá ti rí etí eegun. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni fífà sẹ́yìn lè fi hàn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa fà jáde lára náfù, nítorí náà sìríǹjì tó mọ́ kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹnu aláìsàn ló máa sọ fún yín. Ìrora tó dúró lójú kan yàtọ̀ sí èyí tó sá lọ sí orúnkún tàbí ẹsẹ̀. Bí ó bá ti sá lọ, ẹ dúró, ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ má tẹ ìkán kan sí i. Oògùn tí a tẹ sínú náfù lè bà á jẹ́ ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìyá Táyé
Ẹ ṣé o. Ìyá mi gba abẹ́rẹ́ ní ìdí, ibẹ̀ sì le bí òkúta láti ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ṣé náfù náà nìyẹn? Màmá sanra díẹ̀.

Olùkọ́ Nọ́ọ̀sì
Rárá, Ìyá Táyé, náfù kò jọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí oògùn náà má dé inú ẹran. Ọ̀rá pọ̀ lẹ́yìn ìdí, abẹ́rẹ́ kúkúrú lè parí sínú rẹ̀, oògùn á sì jókòó síbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbóná, tó pọ́n, tó ń dunni sí i, tàbí tí ibà bá dé, ẹ gbé màmá lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè ti ń kó ọyún.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù, ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí ni kí wọ́n fi ẹ̀yìn ìdí sílẹ̀, kí wọ́n lo ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ọ̀rá ibẹ̀ kì í sábà pọ̀, náfù ńlá sì jìnnà síbẹ̀. Aláìsàn á fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, orúnkún òkè á tẹ̀ díẹ̀ kí ẹran lè rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbàdí òsì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó lò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún, ẹ lo òsì. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kókó eegun itan. Ìka tí a fi ń júwe á kan ṣóńṣó eegun ìbàdí níwájú, ẹ wá ya ìka àárín sẹ́yìn lọ sọ́nà etí eegun ìbàdí. Àárín ìka 2 yẹn ni abẹ́rẹ́ wọ̀, ní òró tààrà. Ẹ sàmì sí i kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ má gún ara yín níka. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n, abẹ́rẹ́ mìlímítà 38 ló máa ń bá a mu, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè lo èyí tó kúrú sí i.

Alábẹ́rẹ́
Ọwọ́ mi tóbi. Bí mo bá gbé e lé ìbàdí ẹni kékeré, ìka mi á kọjá etí eegun.

Olùkọ́ Nọ́ọ̀sì
Òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ ni ọ̀nà ọwọ́ yìí ti kù díẹ̀ káàtó. Àwọn kan kì í wo ìka mọ́. Wọ́n á fa ìlà láàárín kókó eegun itan, ṣóńṣó iwájú, àti ibi tó yọ jù ní etí eegun ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á gún àárín igun mẹ́ta náà. Èmi fẹ́ràn ìyẹn fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Iwájú itan lápá ìta, kì í ṣe ìdí rárá.

Bàbá Físíò
Lórí pé kí a fi ẹ̀yìn ìdí sílẹ̀ pátápátá, mi ò tíì gbà. Àwọn oògùn tí omi wọn pọ̀ nínú sìríǹjì tún wà, ọ̀pọ̀ sì ni kò tíì mọ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí lò dáadáa. Ẹni tó bá mọ ìlà náà lè gún ẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. A fa ìlà náà láàárọ̀ yìí. Ojú abẹ́rẹ́ wà ní nǹkan bí ìbú ìka 2 nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì tún sún sápá inú. Ìdí tó yọ jáde nìkan ni wọ́n pín. Ṣé kí a tètè ṣe àyẹ̀wò náfù fún un?

Bàbá Físíò
Ẹ kọ ohun tó lè ṣe àtèyí tí kò lè ṣe sílẹ̀ lónìí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe nínú ẹran máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, kó tó dìgbà náà ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró ni ohun àtìlẹ́yìn tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀, tó máa mú ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ní igun tó tọ́, kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ má baà sún kì. Kí ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí kò ní mọ̀ tí bàtà bá bó o.