Wọ́n ń tajà lórúkọ gaàrí mi, ṣé kí n dúró de sẹtífíkéètì?

Ẹ jọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń ṣe gaàrí “Àbẹ̀kẹ́”. Ẹnìkan ní Ṣágámù ti gbé “Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀tun” jáde, náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé kan náà, gaàrí tí ò tiẹ̀ kan rárá, èmi làwọn kọ́sítọ́mà wá ń bú. Mo kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i, kò dáhùn. Mo ti forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, lọ́yà ní ìyẹn kì í ṣe tirédímáàkì. Lẹ́tà pé wọ́n gba tirédímáàkì wa wọlé ti dé láti Àbújá, sẹtífíkéètì ò tíì dé, a ò sì lè torí tirédímáàkì pè é lẹ́jọ́ báyìí. Ẹjọ́ páásìn-ọ́ọ̀fù, ìyẹn ẹjọ́ téèyàn ń pe ẹni tó ń ta ọjà ẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíì ni, ò nílò sẹtífíkéètì, àmọ́ èmi ni màá fi hàn pé ọjà ti mọ orúkọ mi, pé tiẹ̀ ń tan èèyàn jẹ, pé ó sì ń pa òwò mi lára. Ẹni tó ti ṣe é rí, ṣé rìsíìtì àtijọ́ pẹ̀lú àwọn kọ́sítọ́mà tó ṣi tiẹ̀ rà máa tó fún ilé ẹjọ́, àbí kí n dúró de sẹtífíkéètì?