Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó ìpolówó mi

Ìbéèrè mi: «Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ni mo ń gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná dé. Kí ló dé tí ará Èkó ń pè mí látinú ìpolówó Gúgù mi?»

Ẹ ṣé o, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Bùrọ̀dá tó ní kí n dín agbègbè ìpolówó kù rí ìdajì rẹ̀. Mo dín in, Èkó ò lọ. Àǹtí tó ní kí n yẹ ibi tí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ wà wò ló mọ̀ ọ́n: nínú ₦20,000, ₦11,400 ló ti bá Èkó àti Àbújá lọ. `Presence or interest` ló wà nínú ètò agbègbè ìpolówó náà látilẹ̀, ẹni tó bá jókòó ní Ìkẹjà tó ń wá oúnjẹ Ìjẹ̀bú náà ń rí mi. Mo yí i sí `Presence`, ìyẹn ẹni tó wà tàbí tó máa ń wà ní agbègbè náà nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ₦1,300 péré ló lọ síta.

Mi ò yọ Èkó kúrò pátápátá ṣá, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń ka oníbàárà tó wà níbí mọ́ ará Èkó nígbà mìíràn.

Ìyá onígàárì tó ń béèrè bóyá kí òun náà yí i, ti yín yàtọ̀: gàárì ń wọ mọ́tò dé Èkó, ìkọ́kọrẹ́ ń tutù.